Ọ̀fọ̀ Tí Kò Dárúkọ Ikú

Lọ́jọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1912, Emma, aya akéwì nnì, Thomas Hardy, kú nínú ilé wọn ní Dorchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ kẹta ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Ó ti pé ẹni ọdún 72. Ọdún 38 ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ àárín wọn ti tutù tipẹ́. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé lóòótọ́, àmọ́ Emma ti kó lọ sí yàrá òkè pátápátá lábẹ́ òrùlé, ọ̀rọ̀ sì ti ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn méjèèjì. Ìgbà tí obìnrin náà kú tán ni ọkọ rẹ̀ wá ń kọ ọ̀pọ̀ ewì nípa rẹ̀, tí kò sì tètè dáwọ́ dúró.

Nínú ẹrù tí Emma fi sílẹ̀ ni Hardy ti rí ìwé kan tí obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1911. Ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ló kọ síbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gbé ní Plymouth, ìlú èbúté kan ní gúúsù ilẹ̀ náà, bí ìdílé wọn ṣe jọ ń kọrin, bí ọgbà wọn ṣe rí, bí wọ́n ṣe ń kó láti ilé kan sí òmíràn. Hardy kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Kò tíì mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Emma. Ó wá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọmọdébìnrin tí ìyàwó náà jẹ́ rí.

Láti inú ìwé yẹn ni ewì kúkurú kan ti jáde, èyí tí Hardy pe àkọlé rẹ̀ ní “During Wind and Rain”, ìyẹn ni pé nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tí òjò sì ń rọ̀. Ó wà nínú ìwé ewì rẹ̀, “Moments of Vision”, tó jáde lọ́dún 1917, nígbà tí akéwì náà ti di arúgbó ẹni ọdún 77. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kà á mọ́ àwọn ewì rẹ̀ tó dára jù. Ohun tó yani lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ ikú níbẹ̀ kò ní rí i. Kò sí ẹkún, kò sí omijé, kò sí ẹni tó sọ pé ọkàn òun bàjẹ́. Síbẹ̀ ìbànújẹ́ ló kún ibẹ̀ bámúbámú, ewé, òdòdó àti òkúta ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kà á.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe to ewì náà. Ìlà 28 ni, tí a pín sí ẹsẹ mẹ́rin, ìlà méje nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan máa ń fi ìdílé kan hàn wá níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ayọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ìlà kẹfà á já wọlé bí igbe: ó kọ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ó sì ń ké pe àwọn ọdún tó ti lọ. Igbe yìí kan náà ló ń padà wá nínú ẹsẹ gbogbo, pẹ̀lú ìyípadà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ègbè orin. Ìgbà tí igbe náà bá ti dún tán ni ìlà keje á dé, òun nìkan ṣoṣo, tí á sì fi ohun kan tó ń bàjẹ́, tàbí tí ìjì ń lé kiri, hàn wá. Ẹsẹ á parí síbẹ̀. Kò sí àlàyé kankan.

Nínú ẹsẹ kìíní, alẹ́ ni. Ìdílé náà kóra jọ, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń kọ àwọn orin tí wọ́n fẹ́ràn jù. Olóhùn òkè wà níbẹ̀, olóhùn ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnì kan jókòó sídìí ohun èlò orin, iná àbẹ́là sì ń tàn sí ojú oníkálukú wọn bí òṣùpá. Lójijì, igbe. Lẹ́yìn igbe, ewé ń já bọ́ lọ́pọ̀ yanturu.

Òǹkàwé tó bá ń gbé nílẹ̀ Yorùbá ní láti dúró díẹ̀ níbí. Lọ́dọ̀ wa, igi kan lè wọ́wé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé títí di oṣù kọkànlá, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn igi elewé fífẹ̀ ló ń wọ́wé pa pọ̀. Ewé á pọ́n, á gbẹ, afẹ́fẹ́ á sì gbá wọn lulẹ̀ ní àìmọye, níbi tí òjò á ti sọ wọ́n di ẹrọ̀fọ̀ kí ọdún tó parí. Nítorí náà, jíjábọ́ ewé jẹ́ ohun tí gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ń fojú rí lọ́dọọdún. Hardy mọ̀ pé ohun tó wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ lè má dun ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi pe àwọn ewé náà ní aláìsàn, tó sì ní wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ nílẹ̀. Ènìyàn ló ń ṣàìsàn, ènìyàn ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bí ó bá sọ pé ewé pupa ni, ojú wa á rí àwọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bó ti fún wọn ní àìsàn yẹn, a ti ń ro àwọn tó ń kọrin láìpẹ́ sí i, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé ewé náà ń já bọ́ ní agbo-agbo, bí ìdílé náà ṣe kóra jọ ní agbo kan.

Ẹsẹ kejì gbé wa lọ sínú ọgbà. Àgbà àti ọ̀dọ́ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ń fá ewé tútù kékeré tó máa ń hù mọ́ ilẹ̀ àti òkúta níbi tí oòrùn kì í dé, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, wọ́n sì ń kan àga sábẹ́ ibòji. Ẹni tó bá ń ka ewì yìí kíákíá á rò pé ìlà keje nìkan ni ohun tó ń bàjẹ́ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ẹsẹ yìí. Ewé tútù tó ń rá mọ́ ọ̀nà yẹn ti wà láàárín ayọ̀ gan-an. Òun ni iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti tọ́jú àgbàlá rí mọ̀ pé bí a bá fá a lónìí, á tún hù padà. Ìdílé náà ń jà, wọ́n sì ń ṣẹ́gun lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bá jà ní sùúrù jù wọ́n lọ.

Lẹ́yìn igbe, ẹyẹ funfun kọjá lójú ọ̀run, irú èyí tó máa ń fò wọ ilẹ̀ nígbà tí ìjì bá ń bọ̀ látorí òkun. Níbí ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà jù. Nígbà tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ohun tó ń jẹrà ló kún ewì náà, wọ́n á fipá mú ẹyẹ náà jẹrà pẹ̀lú. Ẹyẹ náà kò jẹrà rárá. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó tún mọ́ ju gbogbo ohun tó kù nínú ewì lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń sọ fún wa pé ìjì ti sún mọ́lé. Láti orí ewé tó wà lẹ́bàá wa, a gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, a rí ibi tí ọ̀ràn ti ń bọ̀, lẹ́yìn náà ni ohun tó ń bọ̀ náà balẹ̀ ní ẹsẹ tó tẹ̀ lé e.

Ẹsẹ kẹta: àárọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo wọn ń jẹun abẹ́ igi, inú wọn ń dùn, wọ́n ń rí òkun lókèèrè, adìyẹ tí wọ́n ń sìn sì wá sí ìdí orúnkún wọn láìbẹ̀rù. Ìlà yẹn ló jẹ́ jẹ́jẹ́ jù nínú ewì náà, òun náà ni ohun tó le jù lé bá. Òdòdó rósì tó ti jẹrà ni afẹ́fẹ́ já kúrò lára ògiri.

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ sí òdòdó yìí, ó sì dára ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ti jẹrà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ohun tó wá díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún já a. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú agbára. Ewé ẹsẹ kìíní bọ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ òdòdó yìí, wọ́n fà á ya ni. Ẹni tó bá ti pàdánù ẹni tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́ mọ ohun tí Hardy ń sọ. Bí a tilẹ̀ ti ń rí i pé ó ń bọ̀, ọjọ́ tó bá dé, àfi bí ẹni pé wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni. Ewì náà kò sọ gbólóhùn yìí. Ó kàn to ìjẹrà àti ìfàya sínú ìlà kan náà, ó sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a bá fi dé ẹsẹ kẹrin, ìdílé náà ti ń kó lọ sí ilé tuntun, ilé gíga kan. Aago, kápẹ́ẹ̀tì àti àga wà lórí koríko níta látàárọ̀ ṣúlẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń dán jù nínú ẹrù wọn. Ọjọ́ ìlọsíwájú ni. Ṣùgbọ́n ẹrù tó wà níta gbangba, tí kò sí òrùlé lórí rẹ̀, kò bá ìròyìn òjò mu. Igbe tún dún, ìlà tó gbẹ̀yìn sì dé: àwọn orúkọ wọn wà lára òkúta tí wọ́n gbẹ́, omi òjò sì ń ṣàn lórí wọn, ó ń la ilẹ̀ já bí ẹni tó ń kọ poro lóko.

Ibí ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé gbogbo wọn ti kú. A ti ń fura láti ẹsẹ kìíní, ṣùgbọ́n Hardy dá ẹ̀rí dúró títí di ìlà kejìdínlọ́gbọ̀n. Ilé gíga tuntun tí wọ́n ń kó lọ wá di ibojì lójú wa láìjẹ́ pé akéwì so méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ oko tó lò fún òjò yẹn tó ohun tí ènìyàn ń dúró wò. Bí ó bá sọ pé omi ń ṣàn lórí orúkọ, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpalára kò ní sí níbẹ̀. Ẹni tó ń túlẹ̀ ń gé ilẹ̀, ó sì ń padà sí ojú poro kan náà léraléra. Lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, poro ni òun náà. Ojú rẹ̀ ni omi ń gbà. Poro tí agbẹ́kùúta fi irin là kí orúkọ má bàa parẹ́ ni òjò wá ń fi ṣe ọ̀nà láti pa á rẹ́. Ìyàtọ̀ kan tún wà: àgbẹ̀ ń túlẹ̀ kí ohun kan lè hù. Lórí òkúta yìí, kò sí ohun tí yóò hù.

Hardy kò fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀ òkúta. Iṣẹ́ òkúta àti ilé kíkọ́ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán ilé kan ní Dorchester lọ́dún 1856, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16, àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló mú kó pàdé Emma. Ní oṣù kẹta ọdún 1870, wọ́n rán an lọ sí St Juliot ní Cornwall láti lọ wọn ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti ń wó, kó sì ya àwòrán àtúnṣe rẹ̀. Emma ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aya àlùfáà ibẹ̀, òun ló sì jáde wá pàdé àlejò náà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ògiri tó ń wó kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé òkúta pàápàá ń ṣègbé.

Bí a bá wá to ohun mẹ́rin yìí tì ara wọn, a óò rí i pé Hardy kò kàn ṣa wọ́n jọ. Ewé bọ́, ṣùgbọ́n igi á tún rúwé lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹyẹ lọ, ó lè padà. Òdòdó já, igi rósì lè tún yọ òmíràn, àmọ́ kì í ṣe èyí tó já yẹn. Òkúta kì í hù. Orúkọ tó bá parẹ́ lára rẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Bí ewì náà ṣe ń lọ, ìrètí ìpadàbọ̀ ń dín kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ń bàjẹ́ ń le sí i: ó ti inú ohun tó ń rà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bọ́ sínú ohun tó ń gba ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fọ̀ náà máa ń rìn báyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó sọnù dà bí ohun tó ṣì lè padà wá.

Àkọlé ewì náà tún ní iṣẹ́ tó ń ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Afẹ́fẹ́ àti òjò ló dárúkọ. Ẹ wo àwọn ìlà keje náà: afẹ́fẹ́ ló gbọn ewé, ìjì ló lé ẹyẹ wọ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ló já òdòdó, òjò ló ń ṣàn lórí òkúta. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀sán kan ṣoṣo. Ẹnì kan dúró síbì kan nínú ìjì, ó ń wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ń sá padà lọ sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, láti orí orin alẹ́ títí dé ọjọ́ ìkẹ́rù. Ní gbogbo ìgbà tí ọkàn náà bá ti fẹ́ fara balẹ̀ sínú ayọ̀ àtijọ́, ojú á tún pè é padà. Hardy sì jẹ́ kí ìdílé náà máa ṣe ohun gbogbo bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Kò sọ pé wọ́n kọrin rí. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí igbe yẹn fi ń dunni tó bẹ́ẹ̀: òun ló ń gba wọn kúrò lójú wa, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ta ni ẹni tó dúró nínú ìjì yẹn? Ewì náà kò sọ. Kò sí “mo” níbẹ̀ rárá. “Wọ́n” ni gbogbo rẹ̀. Ìwé Emma ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ibi tí àwọn àwòrán ayọ̀ ti wá, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1961. Ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà pẹ̀lú. Ẹni tó bá sọ pé “ewì nípa ikú ìyàwó rẹ̀ ni” ti sọ apá kan, ó ti pàdánù apá tó jinlẹ̀ jù. Kò sí ìyàwó kan tó dá dúró nínú ewì náà. Bí Emma bá wà níbẹ̀, ó wà láàárín òbí àti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, nínú ayé kan tí ọkọ rẹ̀ kò bá a gbé. Ayọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni Hardy ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. A mọ bí ìgbéyàwó wọn ti rí nígbẹ̀yìn, ó sì ṣòro láti má rò pé àbámọ̀ wà nínú bó ṣe fara balẹ̀ to àga, adìyẹ àti àbẹ́là ọmọbìnrin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́nà kan náà, ewì tó parí sórí orúkọ kò dárúkọ ẹnì kankan. Àwa tí a máa ń ki òkú ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá lè rò pé àìdáa ni èyí. Àmọ́ wò ó dáadáa: a dúró níwájú òkúta, a rí i pé orúkọ wà níbẹ̀, a kò sì lè kà á. Àwa òǹkàwé ti wà níbi tí òjò ń lọ.

Etí pàápàá ń gbọ́ ìbàjẹ́ náà. Nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ìró tó parí ìlà kìíní ló tún ń parí ìlà keje, tí ayọ̀ àti ìbàjẹ́ fi ń di ara wọn mú. Nínú ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìró méjèèjì bára mu rẹ́gí. Ní ẹsẹ kẹrin, níbi tí ọ̀rọ̀ ilé ti yẹ kó bá ọ̀rọ̀ ìtúlẹ̀ mu, wọn kò bára mu tán lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì: àárín rẹ̀ dọ́gba, ìparí rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Ó kéré débi pé ẹni tí kò kà á sókè lè má mọ̀. Ó sì tọ́ láti rò pé akéwì tó kọ ewì fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀ kò ṣèèṣì.

Àwọn kan máa ń sọ pé ewì náà korò jù, pé ó ń ba gbogbo ohun rere jẹ́. Ẹ jẹ́ ká kà á. Nínú ìlà 28, ayọ̀ ló ni 20. Igbe ló ni mẹ́rin, ohun ìbàjẹ́ àti ìjì sì ni mẹ́rin. Akéwì tí kò mòye ì bá yí i padà: á fi ìlà 20 ṣàpèjúwe ewé rírà, ìdin àti òkùnkùn, á sì fi díẹ̀ sọ pé inú àwọn kan dùn rí. Òǹkàwé á rí ìjẹrà nínú irú ewì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó jẹrà. Hardy jẹ́ ká kọ́kọ́ bá àwọn ènìyàn náà jókòó sábẹ́ igi, ká mọ̀ pé adìyẹ wọn kì í sá, ká rí aago wọn lórí koríko. Ìgbà yẹn ni òdòdó kan ṣoṣo tó já lára ògiri fi tó.